Dátà kan, òṣùwọ̀n kan, àwòṣe méjì: ibi tí `step` ti yà sọ́nà méjì lórí mtcars

Àwọn méjì kan tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ dátà gba iṣẹ́ kan náà: kí wọ́n fi dátà `mtcars` tó wà nínú R, èdè kóòdù tí a fi ń ṣírò dátà, ṣàlàyé ohun tó ń mú kí ọkọ̀ kan jẹ epo ju òmíràn lọ. Àwọn méjèèjì lo rìgírẹ́ṣàn, àwọn méjèèjì lo `step`, iṣẹ́ inú R tó ń yan ayípadà fún àwòṣe fúnra rẹ̀, AIC sì ni àwọn méjèèjì fi ṣe òṣùwọ̀n. Èsì tó jáde fún ọmọbìnrin náà ni pé ìwọ̀n ọkọ̀, àkókò eré àti irú jíà ló ṣe kókó. Ti ọkùnrin náà ní ìwọ̀n ọkọ̀, iye sílíńdà àti agbára ẹṣin ni. Yàtọ̀ sí ìwọ̀n ọkọ̀, kò sí ohun tí èsì méjèèjì jọ ní. Ni wọ́n bá kó o wá fún mi pé kí n dájọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe é dáadáa nínú wa?”

Mo wo kóòdù wọn, kò sí àléébù lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ látorí àwòṣe tó kún, ó ń yọ nǹkan kúrò. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ látorí àwòṣe tó ṣófo, ó ń fi nǹkan kún un.

```r
full <- lm(mpg ~ ., data = mtcars)
null <- lm(mpg ~ 1, data = mtcars)
step(full, direction = "backward")
step(null, direction = "forward", scope = formula(full))
```

Ẹnikẹ́ni tó bá ní R lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ṣe é báyìí, ohun tí àwọn méjèèjì rí náà ni yóò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí: a kò nílò láti gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Dátà náà kéré. Ìwé ìròyìn Motor Trend ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1974, ọkọ̀ 32 ló sì wà nínú rẹ̀. `mpg` ni iye máìlì tí ọkọ̀ ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Òun la fẹ́ ṣàlàyé. Ayípadà mẹ́wàá ló kù. Nínú wọn ni `wt` wà, ìyẹn ìwọ̀n ọkọ̀ ní ẹgbẹ̀rún pọ́ùn. `cyl`, iye sílíńdà. `hp`, agbára ẹṣin. `qsec`, ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi ń sá ìdá mẹ́rin máìlì kan. Àti `am`, tó jẹ́ 1 bí jíà bá jẹ́ ọlọ́wọ́, tó jẹ́ 0 bí ó bá jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì. Bí a bá ní ayípadà mẹ́wàá, tí a lè mú ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí kí a fi í sílẹ̀, àwòṣe 1024 la lè kọ́. Ọkọ̀ 32, àwòṣe 1024. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kí n tó sọ ibi tí ọ̀nà ti yà, ó yẹ kí a mọ ohun tí òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n. Ìwọ̀nyí ni fọ́múlà méjèèjì:

```
AIC = -2 ln L + 2k
BIC = -2 ln L + k ln n
```

Apá àkọ́kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ bí àwòṣe ṣe bá dátà mu tó: bí ó bá ṣe bá a mu sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kéré sí i. Bí a bá fi ayípadà kún àwòṣe, kódà ayípadà tí kò ní láárí, apá yìí kì í pọ̀ sí i láé. Nítorí náà la fi ní láti gba ìtanràn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, apá kejì nìyẹn. `L` ni bí dátà wa ṣe ṣeé ṣe tó lábẹ́ àwòṣe náà, `k` ni iye ohun tí àwòṣe ń díwọ̀n, `n` ni iye ìlà dátà. Hirotugu Akaike ló gbé AIC kalẹ̀ láàárín 1973 sí 1974. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi wá pé àwòṣe wo ni yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀ dáadáa lórí dátà tuntun. Gideon Schwarz ló mú BIC wá ní 1978, ìbéèrè tirẹ̀ sì yàtọ̀: nínú àwọn àwòṣe tí a tò sílẹ̀ yìí, èwo ló ṣeé ṣe jù lọ kó jẹ́ òun gan-an ló bí dátà? Ìtanràn tirẹ̀ jẹ́ lọ́gì iye ìlà, nítorí náà láti orí ìlà mẹ́jọ lọ sókè, ó le ju ti AIC lọ. Fún ọkọ̀ 32, ó jẹ́ 3.47. Ohun tó kéré ló dára nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ń da àwọn ènìyàn láàmú níbí. Iye tí `step` ń tẹ̀ jáde kò bá èyí tí `AIC()` ń fúnni mu. Fún àwòṣe ọmọbìnrin náà, `step` sọ pé 61.31, `AIC()` sọ pé 154.12. Kò sí èyí tó purọ́. `step` ń lo `n ln(RSS/n) + 2p`, níbi tí `p` ti jẹ́ `k` láìka ìtànkálẹ̀ àṣẹ́kù mọ́ ọn, ó ti gbé ohun tí kì í yí padà láti àwòṣe kan sí èkejì sọ nù. Ìyàtọ̀ láàárín àwòṣe méjì ló ní ìtumọ̀, ìyẹn kò sì yí padà bí a bá ti lo ọ̀kan náà jálẹ̀. (Àṣẹ́kù ni ìyàtọ̀ láàárín iye tòótọ́ àti iye tí àwòṣe sọ; RSS ni àpapọ̀ wọn lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọkùnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí àwòṣe tó ṣófo, AIC rẹ̀ jẹ́ 115.94. Nígbà tí `step` dán ayípadà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, `wt` ló borí, AIC já wálẹ̀ sí 73.22. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo ń jẹ epo. Ìgbésẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ wà. `step` ní láti yan ẹnì kejì fún `wt`, àwọn mẹ́ta tó wà níwájú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra:

```
wt + cyl    RSS 191.17
wt + hp     RSS 195.05
wt + qsec   RSS 195.46
```

Ìwọ̀nba ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. `cyl` fi díẹ̀ ṣáájú, `step` mú un, AIC di 63.20, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ `qsec`. Nígbà tí `cyl` ti wà nínú ilé, púpọ̀ nínú ohun tí `qsec` ìbá sọ ni `cyl` ti sọ. Ìgbésẹ̀ kẹta mú `hp` wọlé pẹ̀lú 62.66, `carb` tó jẹ́ iye ẹnu kabúrétọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́rẹ́ pẹ̀lú 62.81. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó tún mú AIC wálẹ̀, ó dúró.

Níbo ni `am` wà ní gbogbo àkókò yìí? Bí a bá fi `am` kún `wt` nìkan, RSS kò kúrò lójú kan: ó wà ní 278.32 ṣáájú, 278.32 náà ló wà lẹ́yìn. Fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, `am` kò wúlò rárá. Àmọ́ bí `qsec` bá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú `wt`, `am` yóò fa RSS láti 195.46 wá sí 169.29. Àwọn méjèèjì ní láti jọ wọlé kí agbára wọn tó hàn. Ẹni tó ń fi ẹyọ kan kún àwòṣe lẹ́ẹ̀kan kò lè rí ohun tó jẹ́ pé ní méjì-méjì ló ń ṣiṣẹ́.

Ọmọbìnrin náà rí i nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, níbi tí gbogbo wọn ti wà pa pọ̀. Àwòṣe tó kún ní AIC 70.90. Ó yọ `cyl`, `vs`, `carb`, `gear`, `drat`, `disp`, lẹ́yìn náà `hp`, ní títò yẹn gan-an, ó sì parí sórí `wt + qsec + am` pẹ̀lú 61.31. Ẹ kíyè sí i pé `cyl` tó jẹ́ ẹni kejì tó wọlé fún ọkùnrin náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà lé jáde. Kì í ṣe pé kò wúlò. Ìfaramọ́ra, ìyẹn bí ayípadà méjì ṣe jọ ń lọ pọ̀ tó, láàárín `cyl` àti `disp` tó jẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, jẹ́ 0.90, pẹ̀lú `hp` ó jẹ́ 0.83; nígbà tí àwọn wọ̀nyẹn ṣì wà nínú àwòṣe, kò ní ohun tirẹ̀ kan tó kù láti sọ. Lílé tí a lé e jáde fi hàn pé àwọn mìíràn gbọ́ èdè rẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé pé yíyọ ló sàn ju fífi kún lọ nìyẹn?”

Mo ní kó má tíì sá síbẹ̀. Níhìn-ín, yíyọ bá a jáde sí ibi tó dára. Bí a bá yẹ gbogbo àwòṣe 1024 wò, `wt + qsec + am` ló ní AIC tó kéré jù. Àmọ́ yíyọ náà ní ìfọ́jú tirẹ̀: ohun tó bá ti yọ, kò ní padà wá, bí ayípadà bá sì pọ̀ ju ìlà dátà lọ, kò lè bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a lo `direction = "both"`, kó lè máa lọ, kó máa bọ̀. Ẹ dán an wò láti orí àwòṣe tó ṣófo. Yóò dé `wt + cyl + hp`, yóò gbìyànjú láti yọ `cyl`, yóò rí i pé AIC gòkè sí 63.84, yóò gbìyànjú láti yọ `hp`, yóò rí 63.20, yóò sì jókòó síbẹ̀. Kí ó tó lè dé ọ̀dọ̀ `qsec` àti `am`, ó ní láti kọ́kọ́ gba ibi tó burú jù bẹ́ẹ̀ kọjá, `step` kì í sì í gbà láti burú sí i fún ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀nà tó bá ń mú AIC wálẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Bí wíwo gbogbo àwòṣe bá ṣeé ṣe, bíi ti 1024 yìí, kò sí ìdí tí a fi ń rin ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ láyé àtijọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kò yára. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má rò pé ìṣòro tán pẹ̀lú ìyẹn. Nígbà tí a bá to àwòṣe 1024 ní ẹsẹẹsẹ, ẹni kìíní ní 61.31. `wt + qsec + am + hp` wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú 61.52. Ti ọkùnrin náà ní 62.66. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tí ọmọbìnrin náà mú àti ti ọkùnrin náà jẹ́ 1.36 péré.

Kí ni 1.36 túmọ̀ sí? A lè fi `exp(-1.36/2)` yí i padà, yóò fún wa ní 0.51. Ìyẹn ni pé ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn àwòṣe ọkùnrin náà tó nǹkan bí ìdajì ti ọmọbìnrin náà. Kò sí ẹni tó máa fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sọ pé èkejì parọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sábà máa ń ka ìyàtọ̀ tí kò tó 2 sí ohun tí kò lè yanjú ìjà. `step` kò sọ èyí fún wa. Ó tẹ orúkọ ẹnì kan jáde, ó dákẹ́ nípa àwọn tó dúró tì í, ẹni tó ń kà á sì rò pé ìdíje náà ti parí.

Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá BIC lè dá ẹjọ́ náà. Ó rọrùn láti dán wò, kí a sọ fún `step` pé kó yí ìtanràn padà; `k` inú kóòdù yìí ni ìtanràn náà, kì í ṣe `k` inú fọ́múlà:

```r
step(full, k = log(nrow(mtcars)))
step(null, direction = "forward",
     scope = formula(full), k = log(nrow(mtcars)))
```

(Yóò ṣì máa kọ “AIC” sí ojú èsì náà. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín, BIC ló ń ṣírò.) Yíyọ tún parí sórí `wt + qsec + am`, iye rẹ̀ 67.17. Fífi kún dúró lórí `wt + cyl` pẹ̀lú 67.60, nítorí bí a bá fi `hp` kún un, yóò gòkè sí 68.53. BIC lé `hp` jáde, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì yà sí méjì. Àìsàn náà kò sí lára òṣùwọ̀n. Ara ọ̀nà tí a ń gbà wá àwòṣe ló wà, pípààrọ̀ òṣùwọ̀n kò sì lè wò ó sàn.

Kí ló dé tí AIC fi gba `hp` tí BIC kọ̀ ọ́? Mo ní kí ọkùnrin náà ṣí `summary` àwòṣe rẹ̀. p, ìyẹn bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí a rí irú èsì bẹ́ẹ̀ bí ayípadà náà kò bá ní ipa kankan, jẹ́ 0.14 fún `hp` níbẹ̀, ti `cyl` jẹ́ 0.098. Ó yà á lẹ́nu; ó ti rò pé ohun tí `step` bá mú gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 0.05. AIC kò mọ 0.05 rí. Bí ìlà bá pọ̀, gbígba ayípadà kan wọlé nítorí pé ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 2 dọ́gba pẹ̀lú gbígba gbogbo ohun tí p rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.157 lọ. Ti BIC lórí ìlà 32 súnmọ́ 0.063, lórí ìlà 1000 yóò ti há sí bíi 0.009. Nítorí náà ẹni tó ń lo `step` ń dán p wò, ó kàn ń ṣe é láìmọ̀ ni, lórí ààlà tí kò fúnra rẹ̀ yàn.

Bí ìlà kò bá sì fi púpọ̀ ju iye ayípadà lọ, ààlà náà tún ń tú sí i. Mo ní kí wọ́n ṣírò èyí fúnra wọn, nítorí pé òun ló máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ènìyàn. Ká ní ìlà jẹ́ 100, ayípadà jẹ́ 50, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ariwo lásán tí kò ní ohun kankan ṣe pẹ̀lú `y`:

```r
set.seed(1)
d <- as.data.frame(matrix(rnorm(100 * 51), 100))
names(d)[1] <- "y"
m <- step(lm(y ~ ., data = d), trace = 0)
summary(m)
```

Nígbà tí gbogbo ayípadà 50 ṣì wà níbẹ̀, òmìnira tó kù fún àṣẹ́kù, ìyẹn iye ìlà yọ iye ohun tí a díwọ̀n, jẹ́ 49. AIC yóò dá ayípadà kan sí bí `100 ln(1 + t²/49)` bá ju 2 lọ, ìyẹn ni bí t rẹ̀, iye tí a díwọ̀n fún un tí a fi àṣìṣe rẹ̀ pín, bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1, láìka àmì òdì sí. Ariwo lásán a máa kọjá 1 ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta lé díẹ̀ nínú mẹ́wàá. Bí yíyọ ti ń lọ, ààlà náà yóò máa le sí i díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ yóò ṣẹ́ ku odidi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayípadà tí kò ní ìtumọ̀. Ẹ wá wo `summary(m)`: ìràwọ̀ tí R fi ń sàmì sí p tó kéré yóò wà lára àwọn kan, p ti àwòṣe lápapọ̀ yóò sì kéré débi pé ẹni tí kò mọ bí a ṣe dá dátà náà yóò kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí. David Freedman ti fi irú àdánwò yìí gan-an, ìlà 100 àti ayípadà 50, kìlọ̀ fún àwọn oníṣirò ní 1983. Tirẹ̀ kò lo AIC, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: kọ́kọ́ fi dátà yan èyí tó dán, lẹ́yìn náà kí o fi dátà yẹn kan náà jẹ́rìí pé ó dán.

Ibi tí èyí ti kan àwọn méjèèjì ni `am`. Ọmọbìnrin náà ti kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ọkọ̀ oníjíà ọlọ́wọ́ ń rin máìlì 2.94 ju ti ọ̀tọ́mátíìkì lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan, p jẹ́ 0.047. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé 0.047 nínú kí ni? Ìṣirò tó bí iye yẹn gbà pé àwòṣe kan ṣoṣo la ní lọ́kàn kí a tó rí dátà, pé òun náà la sì dán wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a rin láàárín àwọn àwòṣe, a ń sá fún ibi tí `am` àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti rọ̀, títí a fi dé ibi tí wọ́n ti lágbára. Àlàfo ìdánilójú 95% tí R fún un bẹ̀rẹ̀ láti 0.05, ó dé 5.83. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdo kí a tó san gbèsè wíwá kiri rárá. Bí a bá san gbèsè yẹn, kò dá mi lójú pé ohun kan yóò kù.

Ó tún wà lórí irú aládùúgbò tí a bá fún `am`. Òun nìkan nínú àwòṣe, iye rẹ̀ jẹ́ 7.24. Pẹ̀lú `wt`, ó di -0.02. Pẹ̀lú `wt` àti `qsec`, 2.94. Pẹ̀lú `wt`, `cyl` àti `hp`, 1.48. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: àwọn ọkọ̀ oníjíà ọlọ́wọ́ inú dátà yìí fúyẹ́, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 2.41 sí 3.77 ti ọ̀tọ́mátíìkì, wọ́n sì ń yára díẹ̀, 17.4 sí 18.2. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí jíà ń ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu, láìwo AIC, pé nínú ìwọ̀n, agbára àti eré, èwo ló yẹ kí a mú dọ́gba. Ìmọ̀ nípa ọkọ̀ ló ń dáhùn ìyẹn. `step` kò mọ ohun tí à ń béèrè, kò sì bìkítà bóyá `am` ló jẹ wá lógún tàbí `carb`.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo sọ fún wọn bíi pé mo ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi òun ló wúwo jù. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán `mpg` sí `wt`. Kò tọ́ bí igi, ó tẹ̀. Bí a bá fi `wt` tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ kún `wt`, láìpe ayípadà mìíràn kankan, AIC já wálẹ̀ láti 73.22 sí 65.24. Kò sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó rí èyí, nítorí pé kò sí nínú àtòkọ tí wọ́n fún `step`. Harold Henderson àti Paul Velleman, tí wọ́n sọ dátà yìí di olókìkí láàárín àwọn oníṣirò ní 1981, ìkìlọ̀ wọn gan-an nìyẹn: pé ọ̀nà tó ń yan àwòṣe fúnra rẹ̀ máa ń fi títẹ̀ àti ìfaramọ́ra pamọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó mà ṣe o, dátà tí wọ́n fi kìlọ̀ ni gbogbo ayé wá ń fi kọ́ni ní `step`.

Nígbà náà, kí ni kí a ṣe? Mo ní kí wọ́n pín ìbéèrè náà sí méjì.

Bó bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, AIC ṣì wúlò, kí wọ́n sáà lò ó láti fi àwọn àwòṣe díẹ̀ tí wọ́n ronú kọ wéra. Lórí ìlà 32, kí wọ́n lo AICc, tó ń fi `2k(k+1)/(n-k-1)` kún ìtanràn, kí wọ́n sì ka ìtànkálẹ̀ àṣẹ́kù mọ́ `k`. Fún àwòṣe oníyípadà mẹ́ta, `k` jẹ́ 5, àfikún náà jẹ́ 2.31, fún èyí tó kún, `k` jẹ́ 12, ó sì jẹ́ 16.42, ohun tí AIC lásán kò gbà rí. Lábẹ́ AICc, `wt + cyl` ní 157.49, `wt + cyl + hp` ní 157.78: `hp` tó wọlé fún ọkùnrin náà tún jáde. `wt + qsec + am` ṣì wà níwájú pẹ̀lú 156.43, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tíì tó ohun tí a ń búra lé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n yọ ìlà kan sẹ́yìn, kí wọ́n kọ́ àwòṣe lórí èyí tó kù, kí wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìlà tí wọ́n yọ, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlà. Bí wọ́n bá sì takú pé `step` làwọn yóò lò, `step` fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ nínú yíyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yan ayípadà lórí gbogbo dátà tán kó tó máa yọ ìlà sẹ́yìn ti jẹ́ kí ìdáhùn yọ́ wọ inú ìdánwò.

Wọ́n ṣe ọ̀kan sí i tí mo máa ń bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n ṣe. Wọ́n fa ọkọ̀ 32 láti inú ọkọ̀ 32 ní ṣíṣe kòńgẹ́, kí ọkọ̀ kan lè jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n lo `step` lórí rẹ̀, wọ́n kọ àwọn tó yàn sílẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe léraléra:

```r
r <- replicate(500, {
  b <- mtcars[sample(32, replace = TRUE), ]
  v <- names(coef(step(lm(mpg ~ ., data = b), trace = 0)))
  names(mtcars)[-1] %in% v
})
setNames(rowMeans(r), names(mtcars)[-1])
```

Àwòṣe tó ń jáde kò dúró sójú kan. Bí a bá yí ọkọ̀ mélòó kan padà, àwọn tó wọlé yóò yí padà, àwọn tí ọmọbìnrin náà ti ń pè ní “àwọn tó ṣe kókó” yóò sì máa wọlé, wọn yóò máa jáde. Òǹkà tí èyí fúnni kì í ṣe p o, kí ẹnikẹ́ni má lò ó bẹ́ẹ̀. Bí ayípadà méjì bá jọra, wọn yóò pín ìbò láàárín ara wọn, àwọn méjèèjì yóò sì dà bí aláìlágbára. Síbẹ̀, kò sí tábìlì tó ń tú àṣírí `step` kíákíá tó o.

Bó bá jẹ́ àlàyé ni wọ́n ń fẹ́, ìyẹn ohun tó ń fa jíjẹ epo, mo ní kí wọ́n wo àwọn àwòṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n gbàgbé orúkọ ayípadà. `qsec` àti `hp` ní ìfaramọ́ra -0.71; ẹ́ńjìnnì tó lágbára ló ń sá ìdá mẹ́rin máìlì kíákíá. `cyl` náà, ọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnnì ló ń sọ. Àwòṣe méjèèjì ń sọ pé ìwọ̀n ọkọ̀ àti agbára ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ epo. Ẹnu tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sọ ọ́ ló yàtọ̀. Ìjà tí wọ́n gbé wá kò tó bí wọ́n ṣe rò, àfi níbi ọ̀rọ̀ `am`.

Ìròyìn tí wọ́n wá jọ kọ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n fi `wt` pẹ̀lú títẹ̀ rẹ̀ sí i, wọ́n fi ayípadà kan ṣoṣo dúró fún agbára ẹ́ńjìnnì, wọ́n mú `hp` nítorí pé òun ni òǹkàwé yóò tètè lóye, kì í ṣe nítorí AIC. Wọ́n to àwọn àwòṣe tí wọ́n dán wò sínú tábìlì kan pẹ̀lú ìyàtọ̀ AICc ọ̀kọ̀ọ̀kan sí èyí tó wà níwájú, kí ẹni tó ń kà lè rí bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó. Ní ti jíà, wọ́n kọ iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, 7.24, -0.02, 2.94 àti 1.48, wọ́n sọ ohun tí wọ́n mú dọ́gba nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yọ 0.047 kúrò.